Wàrà tó bàjẹ́: bí a ṣe ń fi èdè ìgboro àti píjìn kọ káróséèlì tí yóò yé ará ìta náà

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́ nínú káróséèlì, ìyẹn pósìtì Instagram aláwòrán púpọ̀ tí èèyàn ń fi ìka fà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ṣe fún ìyá kan tó ń ta wàrà ní ọjà Ìpata ní Ìlọrin. Mo kọ wọ́n gàdàgbà ní lẹ́tà ńlá, láìfi àmì kankan sí i: WARA TO BAJE. Mo wá fi àwòrán wàrà díndín tó pọ́n dáadáa sábẹ́ ẹ̀. Lójú tèmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní Tánkẹ̀, kò sóhun tó tún lè yéni ju ìyẹn lọ. Bí ọmọ ìgboro bá ní ìnáwó kan bàjẹ́, ó túmọ̀ sí pé ìnáwó náà dùn débi tí ẹnu ò lè ròyìn. A máa ń sọ pé ọbẹ̀ dùn bàjẹ́, pé aṣọ rẹwà bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi ara wọn gbọ́ láàárín wa.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ìyá oníwàrà fi pè mí. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ọ̀fà ló fi sikirinṣọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó ń béèrè ẹni tó ń ba ọjà wọn jẹ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi lo wá pariwo fáyé pé wàrà tó ti bàjẹ́ ni mò ń tà?" Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, èdè àwa ọ̀dọ́ ni, ó túmọ̀ sí pé ó dáa gan-an ni." Ó ní, "Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ pé ó dáa gan-an?" N kò rí èsì fọ̀. Ohun tó tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dójú tì mí ni pé ojú ìwé karùn-ún nínú káróséèlì kan náà ń kọ́ èèyàn bí wàrà ò ṣe ní bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ń yin ọjà lójú ìwé kìn-ín-ní, ó sì ń dẹ́rù bani lójú ìwé karùn-ún.

Káróséèlì yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí, ká jọ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún èdè ìgboro, torí òun ló ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ Ìlọrin dúró wo ọjà ìyá yẹn. Ibi tí ẹ bá fi í sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí káróséèlì fi le ju fídíò lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú fídíò, ohùn yín wà níbẹ̀, ojú yín sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí náà ẹni tí kò mọ "bàjẹ́" ti ìgboro á rí i lójú yín pé ẹ ń yin nǹkan ni. Ojú ìwé tí èèyàn ń fi ìka fà lórí Instagram ò ní ohùn, kò sì ní ojú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ojú ìwé náà kì í dúró pa pọ̀ bí ẹ ṣe tò wọ́n. Ẹnìkan á ya sikirinṣọ́ọ̀tì ọ̀kan ṣoṣo, á fi sí gúrúùpù ẹbí. Instagram fúnra rẹ̀ náà, bí ẹnìkan bá ti kọjá ojú ìwé àkọ́kọ́ láìfà á, ó lè tún gbé pósìtì náà wá síwájú rẹ̀ nígbà mìíràn, kó sì jẹ́ ojú ìwé kejì ló máa kọ́kọ́ rí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìgboro tó bá wà lójú ìwé kan, ohun tó wà lójú ìwé yẹn nìkan ló lè bá a túmọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá gbọọrọ, láìsí ìgboro

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà nìyí: ẹ̀fẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo wá ń wá ohun tí máa fi sí ìdí ẹ̀fẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ tàbí kó ṣe, ojú ìwé kan fún ohun kan, bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún àǹtí yín tó wà ní Ọmù-Àrán lórí fóònù. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni Instagram ti gba àwòrán 20 nínú pósìtì kan, 10 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í kọjá 7. Ti ìyá oníwàrà, lẹ́yìn tí mo jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ní Ìpata kó ṣàlàyé fún mi, nìyí:

1. Bí ẹ ṣe lè tọ́jú wàrà kó má bàjẹ́ kí ẹ tó dín in.
2. Bí ẹ ṣe lè dá wàrà tuntun mọ̀ lọ́jà: funfun ni, kì í yọ̀ lọ́wọ́, kì í rùn kíkan.
3. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ da omi tó bá a wá nù, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án.
4. Ẹ bu omi tuntun bò ó, ẹ fi ṣíbí kékeré iyọ̀ kan sí i, kí ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 10.
5. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ gbé òun àti omi sínú fíríìjì. Ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn lójoojúmọ́.
6. Bó bá ti ń yọ̀, tàbí tó ń rùn kíkan, ẹ dà á nù. Dídín ò lè tún un ṣe.
7. Ibi tí ẹ ti lè rí wa àti èènì tó wà fún ẹni tó bá rà púpọ̀.

Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan níbẹ̀, ó sì gbẹ bí ẹran ìgbẹ́. Ẹ má da ara yín láàmú. Àkọsílẹ̀ yìí ò ní lọ sí ibì kankan, òun ni yóò padà di ọ̀rọ̀ tó máa wà nísàlẹ̀ pósìtì, òun náà lẹ ó sì fi yẹ iṣẹ́ yín wò nígbà tí èdè ìgboro bá ti wọ̀ ọ́.

Ẹ ya ojú ìwé ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára ojú ìwé ọwọ́

Bí mo bá ní kí ẹ rántí ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ, èyí ni. Nínú àwọn ojú ìwé 7 yẹn, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí òǹkàwé rẹ́rìn-ín, kó dúró, kó gbà pé ẹ mọ òun. Ojú ìwé ẹnu nìyẹn. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí òǹkàwé bá kà á tán, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́: á wọn iyọ̀, á da omi. Ojú ìwé ọwọ́ nìyẹn. Nínú ti wa, 1, 2 àti 7 jẹ́ ti ẹnu, 3 dé 6 jẹ́ ti ọwọ́.

Èdè ìgboro lè wọ ojú ìwé ẹnu. Lójú ìwé ọwọ́, ó ní ibi márùn-ún tí kò gbọ́dọ̀ dé: ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe, òṣùwọ̀n, àkókò, iye owó, àti ìkìlọ̀. Ẹ wo bí mo ṣe kọ ojú ìwé kẹrin nígbà àkọ́kọ́: "Ẹ ju iyọ̀ sí i ní wẹ́rẹ́, kí iná kọ́ ọ lọ́gbọ́n." Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kọ ọ́. Àmọ́ kọ́mẹ́ǹtì tó wà lókè pátápátá ni ti ẹnìkan tó béèrè pé, "Ìṣẹ́jú mélòó ni ọgbọ́n?" Àwọn èèyàn fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó ń béèrè. Ẹni tó ti ń se wàrà láti kékeré ò nílò ojú ìwé kẹrin rárá. Ẹni tó nílò rẹ̀ ni ẹni tí kò mọ̀, òun gan-an sì ni "kọ́ ọ lọ́gbọ́n" kò ràn lọ́wọ́.

Owó náà bẹ́ẹ̀. Ní ìgboro, a máa ń pe 500 náírà ní fáìfù hándà, ó sì lè dùn lẹ́nu. Lójú ìwé, ẹ fi òǹkà kọ ọ́ kí ẹ sì fi náírà tẹ̀lé e. Nígbà tí owó bá dá ìjà sílẹ̀, ojú ìwé yẹn ni wọ́n máa gbé jáde.

Ní ti ìkìlọ̀, mi ò kí ń ṣàwàdà rárá. Ojú ìwé kẹfà ń sọ fún èèyàn pé kó da oúnjẹ nù. Bó bá ka ìyẹn bí àwàdà, ó lè jẹ ẹ́.

Ìbéèrè tí ẹ ó bi ọ̀rọ̀ ìgboro kọ̀ọ̀kan kó tó wọlé

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló le jù, òun náà ni mo kùnà: ṣé ìtumọ̀ àtijọ́ ọ̀rọ̀ yìí lè jókòó nínú gbólóhùn kan náà kó sì bọ́gbọ́n mu? Èdè ìgboro Yorùbá fẹ́ràn kó máa yí ọ̀rọ̀ burúkú padà di ìyìn. Bàjẹ́, burú, wèrè, gbogbo wọn là ń fi yin nǹkan. Bí mo bá ní bàtà yìí wèrè, kò sí ẹni tó máa rò pé bàtà ń ṣe aṣínwín, torí ìtumọ̀ àtijọ́ kò lè bá bàtà mu. Ibi tí ewu wà ni kí ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí mu ní ọ̀nà méjèèjì. Oúnjẹ lè bàjẹ́ ní tòótọ́. Oògùn lè burú ní tòótọ́. Ẹni tó ń ta aṣọ òkè lè kọ "ó bàjẹ́" sára àwòrán aṣọ rẹ̀, kí ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó ń ta wàrà kò lè dán an wò. Ẹ fi ìtumọ̀ àtijọ́ ka gbólóhùn yín sókè lẹ́ẹ̀kan. Bó bá bọ́gbọ́n mu, ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìbéèrè kejì: níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde? Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìgboro wa ni àwọn ọmọ yàhúù bí. "Màgá" kò ju ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì lọ, síbẹ̀ mo ti rí ọlọ́jà tó kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀ láti fi dẹ́rìn-ín pa oníbàárà. Oníbàárà tó bá mọ̀ ọ́n á fọwọ́ di àpò. "Ṣàyò" náà, ọtí ló ń tọ́ka sí. Ẹnìkan ti gbà mí nímọ̀ràn rí pé kí n kọ "ẹ wá ṣàyò wàrà" sí ojú ìwé kan. Ní Ìlọrin, tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ra wàrà jẹ́ Mùsùlùmí, bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ọtí sára oúnjẹ, ẹ ti lé wọn lọ nìyẹn, wọn ò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ìbéèrè kẹta ni èyí tí a máa ń gbàgbé nítorí pé kì í ṣe ìgboro ló bí i: ṣé ọ̀rọ̀ ilé wa kọ́ ni mò ń pè ní ọ̀rọ̀ gbogbo ayé? Ẹ mú wàrà gan-an. Ní Ìlọrin, bí a bá dárúkọ wàrà, wàrà tó dì, èyí tí wọ́n fi ewé bọmubọ́mu mú kó dì, tó ń léfòó nínú omi rẹ̀ nínú igbá, ló máa wá sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ibòmíràn ló jẹ́ pé ilẹ̀ tó ń ṣàn fún wàrà àti oyin ni wọ́n máa rántí, ìyẹn wàrà olómi. Ẹni tó rò pé wàrà olómi ni, kò ní mọ bí a ṣe ń dín in. Àwọn mìíràn á sì rò pé èyí tí wọ́n fi sóyà ṣe ni. Kókó mímu náà bẹ́ẹ̀: ohun tí à ń mu pẹ̀lú àkàrà láàárọ̀ níbí, ẹ̀kọ mímu tàbí àkàmù ni wọ́n ń pè é níbòmíràn. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ má yọ ọ́ kúrò, òun ni ọjà yín. Ẹ kàn jẹ́ kí àwòrán ṣe àlàyé. Mo fi àwòrán igbá wàrà funfun nínú omi sójú ìwé àkọ́kọ́ dípò wàrà díndín, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè pé wàrà wo ni.

Ìbéèrè kẹrin, ti pé ṣé ọ̀rọ̀ náà á ṣì wà lẹ́nu ayé lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Pósìtì ọjà kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn náà túmọ̀ ara rẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti yege, ó kù bí ẹ ó ṣe gbé e kalẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ìtumọ̀ sínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n bá ti túmọ̀ nínú àkámọ́ ti kú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbọọrọ tó wà nítòsí ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ wo "sàpá", tí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀ sí àìlówó lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sójú ìwé kejì ni: "Sàpá? Wàrà!" Ọmọ yunifásítì á rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ á rò pé orúkọ oúnjẹ kan ni sàpá, tí wàrà sì wá gba ipò rẹ̀. Nígbà tí mo tún un kọ, ó di: "Sàpá mú yín, owó ẹran ò tó? Wàrà ń bẹ." Ẹni tí kò gbọ́ sàpá rí láyé rẹ̀ á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, torí "owó ẹran ò tó" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ pé mo túmọ̀ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ìtumọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé kan náà o. Bí ẹ bá fi í sí èyí tó tẹ̀ lé e, sikirinṣọ́ọ̀tì á yà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìgboro kan lójú ìwé kan ti tó, mẹ́ta nínú gbogbo káróséèlì sì ti pọ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òǹkàwé tí kò mọ̀ ọ́n á máa yanjú àlọ́ dípò kó máa ka ọjà yín.

Píjìn àti ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀

Ẹ̀dà píjìn tí ọmọ Ìlọrin ń sọ kì í ṣe ti Wárì. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní píjìn níbí ni gbólóhùn Yorùbá tí a fi ọ̀rọ̀ píjìn díẹ̀ lá lórí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí ará Ẹ̀dó tàbí ará Jọ́ọ̀sì náà dá sí i, ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu píjìn tó sì tún wà lẹ́nu Yorùbá. "Wàhálà" ni ọba wọn: Yorùbá ń sọ ọ́, Haúsá ń sọ ọ́, píjìn ń sọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà. "Jàrá" náà wúlò, ó kàn jẹ́ pé àwọn ìyá ọlọ́jà wa ní èènì, nítorí náà mo máa ń fi méjèèjì sí gbólóhùn kan.

Odidi gbólóhùn píjìn, ẹ fi sí ojú ìwé ẹnu nìkan, kó má ju ẹyọ kan lọ, kí Yorùbá sì wà lókè rẹ̀ tó ń sọ ohun kan náà. Bí àpẹẹrẹ, lábẹ́ "Wàrà ò ní fún yín ní wàhálà mọ́", mo lè kọ "Wàrà nọ́ gò gífù yù wàhálà o." Bí etí Yorùbá ṣe ń gbọ́ ọ ni mo kọ ọ́ níbí. Lójú ìwé tiyín, bí àwọn oníbàárà yín ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Píjìn ò ní ìlànà àkọtọ́ kan tí gbogbo èèyàn gbà. BBC, tó bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ní píjìn lọ́dún 2017, ní bí tiwọn ṣe rí, èmi máa ń wo bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ kan bí mo bá ń ṣiyèméjì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ọ̀rọ̀ kan má ní sípẹ́lì méjì nínú káróséèlì kan.

Ẹ kíyè sí ohun kan tí píjìn kò ní. Kò ní "ẹ" tí à ń fi bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí a bá ti wọ píjìn tàbí èdè ìgboro tán, ahọ́n wa á kàn máa yọ́ sí "o": "Fọ̀ ọ́, sè é, kó o gbé e sí fíríìjì." Lẹ́nu ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra wàrà yìí jùlọ lè jẹ́ ìyá tó bí yín. Àwọn àgbàlagbà tí mo fi èyí hàn kò sọ pé kò yé àwọn, wọ́n ní ọmọ wo ló ń pàṣẹ fún àwọn. Nítorí náà, kódà lójú ìwé tó kún fún ìgboro, "ẹ" ni mo máa ń lò. "Sàpá mú yín" ṣì jẹ́ ìgboro, kò sì rí ẹnikẹ́ni fín.

Àmì, sípẹ́lì àti fọ́ǹtì

WARA TO BAJE tí mo kọ, ká ní mo tiẹ̀ fi àmì sí i, àmì kan náà ni ìtumọ̀ méjèèjì ní, àmì ò lè gbà mí. Ṣùgbọ́n níbi tó pọ̀ jù, àmì ni agbẹjọ́rò yín. "Owo" láìlámì lè jẹ́ owó, òwò, ọwọ́ tàbí ọ̀wọ̀. Lójú ìwé 7 tí mo ti kọ "e mu owo wa", ẹnìkan fi ẹ̀fẹ̀ béèrè bóyá ọwọ́ lòun máa gbé wá.

Ọ̀rọ̀ ìgboro tó bá jẹ́ Yorùbá ní ìpilẹ̀, ẹ kọ ọ́ bíi Yorùbá lójú ìwé. Àwọn tó ń kọ shey àti oshey ń rò pé ó bá ìgboro mu, ṣùgbọ́n Yorùbá tó dàgbà á dúró lé e lórí ná kó tó mọ̀ pé ṣé àti o ṣé ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó ń fi irú sípẹ́lì bẹ́ẹ̀ wá nǹkan rí yín, ìsàlẹ̀ pósìtì ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Fọ́ǹtì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ gbé àmì lókè àti lábẹ́, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà kò sì lè gbé méjèèjì pa pọ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú Canva, ẹ tẹ "Ẹ̀ẹ́ Ọ̀ọ́ Ṣṣ ǹń" ní fọ́ǹtì tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ mú un tóbi. Bí àmì bá sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, bí àpótí kékeré bá jókòó síbẹ̀, tàbí tí lẹ́tà kan bá sanra ju ìyókù lọ, fọ́ǹtì yẹn ò ní in, Canva kàn yá a láti ibòmíràn ni. Noto Sans kì í já mi kulẹ̀. Lórí ojú ìwé tó fẹ̀ tó 1080 tó sì ga tó 1350, mi ò kí ń jẹ́ kí lẹ́tà kéré ju 44 lọ, torí pé nǹkan tó kọ́kọ́ ń parẹ́ lójú fóònù kékeré ni àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ.

Ẹ fi han èèyàn mẹ́ta

Ẹ wá ẹnìkan tó ti dàgbà ní Ìlọrin, Yorùbá kan tí kò gbé ní Kwara, àti ẹnìkan tí kì í ṣe Yorùbá ṣùgbọ́n tó gbọ́ píjìn. Ẹ fi ojú ìwé kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n lọ́tọ̀, ẹ má tò ó bó ṣe wà, kí ẹ gbé e kúrò lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Yorùbá ò ní fẹ́ dójú tì yín, wọ́n á ní ó yé àwọn. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni wọ́n ní kí ẹ ṣe?" tàbí "Kí lẹ rò pé wọ́n ń tà?" kí ẹ sì dákẹ́.

Nínú ti wàrà, ẹni tí kì í ṣe Yorùbá kò ka ojú ìwé 3 dé 5 rárá, mo sì ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ṣùgbọ́n láti inú àwòrán igbá, "wàhálà" àti "jàrá", ó mọ̀ pé oúnjẹ ni, pé àlàyé ìtọ́jú rẹ̀ ló wà nínú, àti pé èrè wà fún ẹni tó bá rà púpọ̀. Ìyẹn tó fún un láti sọ̀ kalẹ̀ síbi tí mo kọ àlàyé kúkúrú sí ní píjìn nísàlẹ̀ pósìtì. Ààyè tó wà níbẹ̀ gba lẹ́tà 2,200, ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́ díẹ̀ nìkan ló ń hàn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ṣí. Nítorí náà, Yorùbá gbọọrọ ni kó wà lókè, kí ìlà kan sì sọ pé píjìn wà nísàlẹ̀.

Ohun tó jáde gbẹ̀yìn nìyí, àwọn ojú ìwé ẹnu nìkan, torí pé ti ọwọ́ kò yí padà kúrò ní bí mo ṣe kọ wọ́n lókè:

Ojú ìwé 1: "Wàrà ò ní fún yín ní wàhálà mọ́. Bí ẹ ṣe lè tọ́jú ẹ̀ kó má bàjẹ́."

Ojú ìwé 2: "Sàpá mú yín, owó ẹran ò tó? Wàrà ń bẹ. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó rà á: funfun ni, kì í yọ̀ lọ́wọ́, kì í rùn kíkan."

Ojú ìwé 7: "Ìpata lẹ ó ti bá wa. Ẹ ra 10, ẹ gba èènì kan. Jàrá ò tán níbí."

Ẹ rí i pé "bàjẹ́" ti padà sójú ìwé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìtumọ̀ àtijọ́ rẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀.

Bó bá ti jáde

Instagram á jẹ́ kí ẹ tún ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kọ, á sì jẹ́ kí ẹ yọ ojú ìwé kan kúrò nínú káróséèlì, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ fi àwòrán mìíràn rọ́pò èyí tó ti wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ìwé ẹnu kan láàárín ló ṣìnà, ẹ yọ ọ́, káróséèlì á ṣì dúró. Bó bá jẹ́ ojú ìwé àkọ́kọ́, bíi tèmi, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tún un gbé jáde, ẹ má tijú. Ẹ ka kọ́mẹ́ǹtì ọjọ́ àkọ́kọ́ dáadáa. Bí ẹnìkan bá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó lè jẹ́ ẹni yẹn nìkan. Bí ẹni méjì bá béèrè ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn tí kò béèrè á pọ̀ jù wọ́n lọ, ẹ dáhùn kí ẹ sì so ìdáhùn náà mọ́ òkè kọ́mẹ́ǹtì.

Lórí ẹ̀dà tuntun náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá, láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan tó ní Bìní lòun wà, tó fẹ́ mọ ohun tí èènì jẹ́. Kí n tó dé ibẹ̀, ìyá oníwàrà ti ní kí ọmọ rẹ̀ fi fóònù òun dá a lóhùn: "Èènì nà jàrá, mai síṣítà. Báì tẹ́ẹ̀nì, yù gò sí am." Mo so ó mọ́ òkè.